Ọ̀rọ̀ Bàbá Di Ìpínrọ̀ Kẹjọ

Kò sí irọ́ kankan nínú ìwé ìwádìí tí Rissikatou kọ, síbẹ̀ ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ ní yunifásítì Pàrákú dá a padà fún un. Ìlà méjì péré ni ọ̀gá náà kọ sí etí ìwé: orí kẹta kò gbe ohun tí ìwé ṣèlérí ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ó tún un tò, kí ó sì mú un wá lọ́jọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó lè dúró níwájú àwọn ìgbìmọ̀. Bí yóò ṣe tún un tò, kò sọ. Àwọn ọ̀gá yunifásítì a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ìka han ẹni ibi tí òrùlé ti ń jò, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀ gan-an ló ń ba Rissikatou lọ́kàn jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Awawou, kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Oyún àkọ́kọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Kútọnu, nítorí náà ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Kaboua ló wá dúró sí láti bímọ. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ṣábẹ, ọmọ ti kú nínú rẹ̀, òun náà kò sì rí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di pé kí Rissikatou mú ohun tí yóò ṣe ìwádìí lé lórí, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba àṣẹ, ó gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ó sì kiri Kaboua àti àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ó ń béèrè nípa àwọn aboyún méjìlélógún tí wọn kò tètè dé ilé ìgbẹ̀bí. Awawou wà nínú wọn. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ló fún wọn. Awawou ni Obìnrin kọkànlá.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí ìwé náà sọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n òun, kí ẹni tó bá kà á sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ ti kà á báyìí, kò sì gbà. Ìyẹn ló dùn ún wọra.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dá ìwé padà, ó wọ mọ́tò wá sí Ṣábẹ, ó sì gba ilé Madame Germaine lọ tààrà. Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni Madame Germaine. Ìjọba ló rán an wá kọ́ àwọn ọmọ ní filọsọ́fì ní Ṣábẹ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òkè àti àpáta ìlú náà sì ti di ará ilé rẹ̀. Òun ló kọ́ Rissikatou ní kíláàsì tó kẹ́yìn kó tó wọ yunifásítì. Obìnrin tí kì í pariwo ni, àmọ́ tó bá ti wo ìwé ẹni tó sì yọ awò ojú rẹ̀ kúrò, kí ẹni náà yáa jókòó dáadáa.

Ó ka orí kẹta náà tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

Ó béèrè pé, "Ọmọ mi, kí ni ìwé yìí ń sọ? Má wo ìwé. Sọ ọ́ fún mi ní gbólóhùn kan."

Rissikatou ní, "Pé kì í ṣe ọ̀nà ló ń jẹ́ kí àwọn aboyún wa pẹ́ jù, Madame. Inú ilé ni wọ́n ti ń pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ẹni tí yóò ní kí wọ́n máa lọ."

"Ó dára. Ìpínrọ̀ mélòó ló wà ní orí yìí?"

"Méjìlá."

"Gbólóhùn tí o sọ yìí, ìpínrọ̀ wo ló wà?"

Rissikatou ṣí ìwé. "Ìkejìlá."

"Èwo ló wà ní àkọ́kọ́?"

"Ti bàbá mi," ni Rissikatou wí. "Wọ́n ní ọ̀nà ló ń pa àwọn aboyún."

Olùkọ́ náà ní, "O fẹ́ sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀nà, o wá ní kí ọ̀nà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí lo wò tí o fi tò wọ́n báyìí?"

Ìtìjú mú Rissikatou, ṣùgbọ́n kò purọ́. Ó ní, "Ọjọ́ orí ni, Madame."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bàbá rẹ̀, Àbíbù, ló dàgbà jù nínú gbogbo àwọn tó bá sọ̀rọ̀, òun ló fi ṣíwájú. Baálé kan tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí ló wà ní ìkejì. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń gbẹ̀bí nílé láyé àtijọ́ tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso ilé ìgbẹ̀bí, tó mọ ohun tó ń lọ ju gbogbo wọn lọ, bọ́ sí ìkarùn-ún nítorí pé kò tíì pé ogójì ọdún. Ọ̀dọ́mọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún kan, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ bí òun ṣe ń yí nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀gbọ́n ọkọ òun kiri, wà ní ìkẹsàn-án. Àkọsílẹ̀ wákàtí, tí kò ní ọjọ́ orí rárá, ló wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Kò sí ọmọ Kaboua tí yóò ka ìwé náà tí yóò rí àbùkù kan nínú rẹ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó; tí ìpàdé bá pé, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé kí àgbà tó sọ tirẹ̀? Ẹ má dá Rissikatou lẹ́bi. Ilé tó ti wá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìwé kíkọ kò sì tíì kọ́ ọ ní òmíràn.

Madame Germaine kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọlé, ó mú sísọ́ọ̀sì jáde.

Ó ní, "Gé wọn. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Wọ́n tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjìlá sórí rẹ̀, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Olùkọ́ náà ní kí ó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: kì í ṣe ohun tí ìpínrọ̀ náà sọ, bí kò ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí ń sọ ohun tí "pípẹ́" túmọ̀ sí. Èyí ń ka wákàtí. Èyí ń fi ẹlẹ́rìí hàn. Èyí ń tako. Èyí ń dáhùn àtakò. Iṣẹ́ yìí gbà wọ́n ní àkókò ju bí Rissikatou ṣe rò lọ, torí ìpínrọ̀ méjì wà tí kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ọ̀kan sì wà tó ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, tí wọ́n fi ní láti gé e sí ọ̀nà méjì kí wọ́n sì so ìdajì rẹ̀ mọ́ òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Madame Germaine ní kí ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó bi í ní ìbéèrè kan: kí ni ó yẹ kí ẹni tó ń kàwé ti mọ̀ kó tó lè gba èyí gbọ́?

Rissikatou mú àkọsílẹ̀ wákàtí. Nínú gbogbo wákàtí mẹ́wàá tí àwọn obìnrin náà lò láti ìgbà tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ títí tí nọ́ọ̀sì fi fọwọ́ kàn wọ́n, mẹ́fà ni wọ́n lò nílé, mẹ́ta lójú ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kí ni èèyàn ní láti mọ̀ kó tó gba èyí gbọ́? Ó ní láti mọ bí Rissikatou ṣe kà á, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nítorí náà, ìpínrọ̀ tó ṣàlàyé kíkà gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó gbé e síwájú. Ẹ̀rí ọ̀dọ́mọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún ńkọ́? Tí èèyàn kò bá tíì mọ̀ pé ilé ló ń jẹ wákàtí jù, ẹjọ́ ilé kan lásán ni yóò rí níbẹ̀. Àmọ́ tó bá ti mọ̀, yóò fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ní gbogbo wákàtí yẹn, ọmọbìnrin náà yóò sì sọ fún un. Ó bọ́ sẹ́yìn àkọsílẹ̀. Gbólóhùn tó wà ní ìkejìlá wá di àkọ́kọ́, kí ẹni tó ń kàwé lè mọ ibi tí wọ́n ń mú òun lọ.

Ọwọ́ rẹ̀ ń yá. Òkúta ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ rí i pé bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ni, ìsàlẹ̀ ń gbé òkè dúró. Ó wá ku ìwé kan tó wà lábẹ́ òkúta tirẹ̀ ní etí ẹní. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ti bàbá rẹ ńkọ́?" ni Madame Germaine béèrè.

"Kí ó wà níwájú, Madame. Lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́."

"Kà á báyìí kí n gbọ́."

Ó kà á. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní kì í ṣe ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Àbíbù tẹ̀ lé e, ó ní ọ̀nà ni, ó sì sọ ọ́ dáadáa, nítorí Àbíbù mọ ọ̀rọ̀ í sọ: òjò, ẹrẹ̀, alùpùpù tó rì, afárá tó wó. Lẹ́yìn náà ni àlàyé nípa kíkà wákàtí wá. Rissikatou fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ pé kò lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ti wà nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú Àbíbù, kò sì ní ṣe tán láti ka wákàtí.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá, Madame. Mọ́kànlá náà tó."

"Tí ará Kaboua kan bá ka mọ́kànlá rẹ, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ?"

Rissikatou ronú, ó sì wolẹ̀. "Yóò ní, 'Ọ̀nà ńkọ́?'"

"Ìwé rẹ yóò sì yadi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. O ò lè lé bàbá rẹ jáde nínú ẹjọ́ yìí. Àmọ́ kò lè sọ̀rọ̀ kí àwọn ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀. Ibo ni ẹni tó ń kàwé yóò ti wá bi ara rẹ̀ pé, ọ̀nà ńkọ́?"

Rissikatou fi ìka tẹ̀ lé àwọn ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọ̀dọ́mọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún. Ìkeje nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹni tó ti gbọ́ ti ilé tán yóò ti ní, ó dáa, àmọ́ ṣé ọ̀nà kò ní ẹ̀bi tirẹ̀ ni? Ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, òun náà ló sì ń bà á lẹ́rù. Ìpínrọ̀ tó fi obìnrin méjì wé ara wọn ni: abúlé kan náà, ọ̀nà kan náà, oṣù kan náà. Obìnrin kejìlá lo wákàtí kan nílé àti wákàtí méjì lójú ọ̀nà, ó sì wà láàyè. Obìnrin kọkànlá lo wákàtí méjì lójú ọ̀nà bákan náà. Mẹ́fà ló lò nílé.

"Tí mo bá fi wọ́n síbẹ̀," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ, Awawou ni yóò dáhùn rẹ̀."

Madame Germaine mọ Awawou lójú. Ó ní, "Níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ta ló ń dáhùn rẹ̀?"

"Kò sí. Ó jìnnà sí i. Ìpínrọ̀ mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn."

"O ò rò pé nítorí ìyẹn náà lo ṣe fi ọjọ́ orí tò wọ́n?"

Rissikatou bú sẹ́kún níbẹ̀. Ó sunkún nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ tó fẹ́ràn gidigidi, àti nítorí pé olùkọ́ náà kò ṣìnà. Olùkọ́ náà jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, Rissikatou fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó mú ìwé tó wà ní etí ẹní, ó gbé e sí ìkẹjọ, ó sì gbé òkúta lé e.

Ọ̀la rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwọn oríkèé, torí ìpínrọ̀ tó ṣípò kì í bá aládùúgbò tuntun rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀ wọ́n fún ara wọn. Ibi mẹ́ta ni ìwé náà ti ń sọ pé "gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lókè," tó sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ohun náà wà báyìí. Ìpínrọ̀ kẹjọ, tó ti ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣí ìpàdé, gbọ́dọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tako: síbẹ̀, àwọn kan ní ọ̀nà ni. Ìkẹsàn-án gbọ́dọ̀ gbà pé òótọ́ ni ọ̀nà burú, kó tó sọ pé gbogbo wọn ló gba ọ̀nà burúkú náà. Rissikatou kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún kọ ọ́ sí ìparí pé èèyàn méjìlélógún kéré, pé òun kò lè fi wọ́n sọ ti gbogbo ilẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ ìkankan kúrò.

Iṣẹ́ kan wá kù, kò sì sí bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣèlérí fún gbogbo àwọn tó bá sọ̀rọ̀ pé òun yóò ka ọ̀rọ̀ wọn fún wọn kí òun tó fi ìwé sílẹ̀, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ lè mú un kúrò. Ní oṣù tó kọjá, ó ti ka ìwé náà fún bàbá rẹ̀ bó ṣe wà nígbà náà. Inú Àbíbù dùn nígbà tó gbọ́ pé òun ni ìwé fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run fún un ní àlùbáríkà, ó sì sùn lọ kó tó dé ìpínrọ̀ kẹta. Ní báyìí, ó gbọ́dọ̀ tún un kà. Tí Àbíbù bá sì ní òun kò fẹ́, ìpínrọ̀ kẹjọ yóò jáde, ìkẹsàn-án kò ní rí ohun tí yóò dáhùn, Awawou yóò sì tún padà di nọ́ńbà lásán nínú àkọsílẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ló wọ Kaboua. Bàbá rẹ̀ wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń gé iṣu, ó sì ń sá a sórí àpò fún èlùbọ́. Títí di òní, Ìyá Awawou ni gbogbo abúlé ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ní ìgboyà láti fi orúkọ mìíràn pè é. Rissikatou kúnlẹ̀ kí wọn.

Ó ní, "Bàbá, mo ti tún ìwé náà tò. Mo fẹ́ kà á fún yín lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ṣé wọ́n ní kò dáa ni?"

"Wọ́n ní bí mo ṣe tò ó ni kò dáa. Ọ̀rọ̀ yín ṣì wà bí ẹ ṣe sọ ọ́."

"Kà á."

Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé. Yorùbá ló ń tú u sí fún un bó ṣe ń kà á. Ó ka àkọ́kọ́. Ó ka ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, Àbíbù gbé ojú sókè.

"Èmi ńkọ́? Níbo ni mo wà?"

"Ẹ ń bọ̀ níwájú, Bàbá."

"Èmi tí mo jẹ́ àgbà? Àwọn wo lo fi ṣáájú mi?"

"Wákàtí ni, Bàbá," ni Rissikatou dá a lóhùn. "Wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ ro tẹnu wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wúlò jù ni mo fi yín sí."

Àbíbù fi orí júwe pé kí ó máa kà. Lọ́tẹ̀ yìí kò sùn. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí. Ó gbọ́ ìpín mẹ́fà, mẹ́ta àti ọ̀kan, ó sì ní kí ó tún un sọ. Ó gbọ́ ti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń wá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kiri. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Wọn ò ṣe dáadáa sí ọmọ yẹn." Ìyá Awawou ń gé iṣu rẹ̀ lọ láìgbé ojú sókè.

Nígbà tó dé ìkẹjọ, Rissikatou ka ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Òjò, ẹrẹ̀, alùpùpù, afárá. Àbíbù ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti òkèèrè. Rissikatou dánu dúró. Ó lè pa ìwé dé níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nìkan ló ṣèlérí pé òun yóò kà fún un. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ìpínrọ̀ méjèèjì ti so mọ́ ara wọn, pé ẹni tó bá ka ọ̀kan láìka èkejì ti fi irọ́ parí rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé.

Ó kà pé, "Òótọ́ ni pé ọ̀nà burú, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Àmọ́ obìnrin méjì gba ọ̀nà náà láti abúlé kan náà ní oṣù kan náà. Wákàtí méjì ni ọ̀nà gbà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Obìnrin kejìlá kò lò ju wákàtí kan lọ nílé, nítorí ọkọ rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ó máa lọ. Ó yè. Obìnrin kọkànlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ìdájí. Olórí ilé wà ní oko, nítòsí odò Okpara. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ ẹbí kan gun alùpùpù lọ pè é kí ó tó wá. Wákàtí mẹ́fà ni obìnrin náà fi dúró nílé. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kú."

Ọ̀bẹ Ìyá Awawou dúró. Abdoulaye, ọmọ àbúrò Àbíbù, ni ọmọ ẹbí tó gun alùpùpù náà, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ìdí láti béèrè ẹni tí Obìnrin kọkànlá í ṣe.

Àbíbù ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbé lé orúnkún. Rissikatou dojú kọlẹ̀, ó ń dúró de kí bàbá rẹ̀ ní kí ó yọ ọ̀rọ̀ òun kúrò nínú ìwé náà.

Àbíbù ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì kọ́."

"Bàbá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ni wọ́n wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní ìrọbí ti mú ọmọ náà. Mo ní kó padà sílé, pé oyún àkọ́kọ́ kì í kánjú, pé iṣu mi ń bẹ nílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Abdoulaye dé ní ìdájí, mo ṣe bí ẹni pé ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́."

Rissikatou yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ni ó bi léèrè ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí ìyá sì dá a lóhùn pé ìdájí ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ìyá Awawou fi etí aṣọ bo ojú. Ó ní, "Ọkọ mi ni. Ìwọ náà bàbá rẹ ni. Kí ni ǹ bá tún sọ lẹ́yìn tí ọmọ ti kú?"

Rissikatou ka wákàtí náà lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ kà á: láti Aláàsárì títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Àbíbù ní, "Mélòó ni?"

"Ogún, Bàbá."

"Tí o bá kọ ogún síbẹ̀, ṣé ó máa ba bí o ṣe tò ó jẹ́?"

"Rárá. Àwọn wákàtí àpapọ̀ ni màá tún kà. Àyè rẹ̀ kò yí padà."

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo ṣì máa ṣáájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú rẹ̀, Bàbá. Tí ẹ bá fẹ́ kí n yọ yín kúrò, ẹ ní àṣẹ."

Omi ti kún ojú ọkùnrin náà, kò sì nù ún. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mú bírò rẹ."

Rissikatou mú bírò. Ó fagi lé ìdájí, ó fagi lé ẹ̀ẹ̀mejì, ó fagi lé mẹ́fà, ó sì kọ òótọ́ sórí wọn.

"Kà á láti ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀," ni Àbíbù wí.

Ó kà á láti ìpínrọ̀ kẹjọ, òjò, ẹrẹ̀, alùpùpù, afárá, ó sì wọ inú ìkẹsàn-án. Nígbà tó dé ibi tí ogún wà, ohùn rẹ̀ kọ̀ láti jáde. Bàbá rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.